`GBP Hedged` lójú fóònù: ohun tí iṣẹ́ ọ́fíìsì fi yé mi nípa àpò ìdókòwò àgbáyé

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣírò iye tí àpò ìdókòwò tó lójoojúmọ́. Láti ìgbà tí àwọn ará wa ti mọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n á fẹ́ ra àpò ìdókòwò àgbáyé sínú àkáǹtì ISA wọn, àkáǹtì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba owó orí lórí èrè rẹ̀, wọ́n á wá rí i lójú fóònù pé méjì ló wà: ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni ín, ṣíà kan náà ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀kan ní `GBP Hedged` lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, èkejì kò ní. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló bi mí gbẹ̀yìn. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ní èyí ní ìdáàbòbò, èyí kò ní. Ta ló máa rí ìdáàbòbò tó máa ní òun ò fẹ́? Àbí wọ́n kàn fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ wa ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ṣíà, ẹ ra èyí tí kò ní. Bó bá jẹ́ bọ́ǹdì, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kó lè gba èlé lórí rẹ̀, èyí tó ní ni kẹ́ ẹ rà." Ó ní kí n ṣàlàyé, nítorí òun kì í ra ohun tí kò yé òun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àlàyé tí mo ṣe fún un ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó náà. Bí ẹ bá fi £10,000 ra àpò ìdókòwò tó ń tẹ̀ lé MSCI World, ìyẹn àkójọ ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà, nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá owó yín ló ń lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bíi Apple àti Microsoft. Ìyókù ń lọ sí Jàpáánù, Yúróòpù, Kánádà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́n-ùn lẹ san, àmọ́ ẹni tó ń bójú tó àpò náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kó tó lè ra Apple. Láti ọjọ́ yẹn lọ, nǹkan méjì ló ń pinnu iye tí ẹ ní. Èkíní ni bí ṣíà náà ṣe ń ṣe sí ní dọ́là. Èkejì ni iye pọ́n-ùn tí dọ́là kan ń mú wá. Bí pọ́n-ùn bá já wálẹ̀, dọ́là yín á mú pọ́n-ùn púpọ̀ sí i wá, ẹ óò sì rí i pé owó yín lé. Bí pọ́n-ùn bá gbéra, ẹ óò rí òdìkejì rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á ní, "Pọ́n-ùn ni wọ́n fi kọ iye tèmi, kò kan dọ́là." Ó kàn án gan-an. Owó tí wọ́n fi kọ iye àpò náà sójú fóònù kò yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. `GBP Acc` kàn ń sọ fún yín pé pọ́n-ùn lẹ óò fi rà á, àti pé èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà bá pín yóò padà sínú àpò náà ni. Kò sọ pé wọ́n dáàbò bò yín lọ́wọ́ pàṣípààrọ̀. Bí àpò ìdókòwò kan náà bá wà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní dọ́là, ẹni tó ra ti dọ́là àti ẹni tó ra ti pọ́n-ùn á jẹ èrè kan náà nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ padà. Àfi tí ẹ bá rí `Hedged`, tàbí kí wọ́n gé e kúrú sí `Hdg`, lẹ tó lè sọ pé nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ṣòro. Lẹ́yìn tí olùtọ́jú àpò bá ti ra àwọn ṣíà náà tán, ó máa lọ bá báńkì ṣe àdéhùn: "Ní oṣù tó ń bọ̀, màá kó dọ́là báyìí fún yín, ẹ ó sì kó pọ́n-ùn báyìí fún mi, ní iye tá a fẹnu kò sí lónìí." Bí pọ́n-ùn bá já láàárín oṣù náà, ṣíà á pọ̀ sí i ní pọ́n-ùn, àmọ́ àdéhùn yẹn á pàdánù iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí pọ́n-ùn bá gbéra, àdéhùn á jẹ èrè tó máa dí àlàfo tí pàṣípààrọ̀ ṣe. Bí oṣù bá parí, wọ́n á yanjú ti àtijọ́, wọ́n á sì ṣe òmíràn. Lọ́fíìsì wa, ìparí oṣù ni iṣẹ́ yìí máa ń gba àfiyèsí jù, nítorí owó gidi ni wọ́n fi ń yanjú àdéhùn náà. Bó bá jẹ́ èrè, báńkì á sanwó wọlé fún àpò. Bó bá jẹ́ àdánù, àpò ní láti wá owó náà, nígbà mìíràn ó sì ní láti ta lára ṣíà rẹ̀ kó tó lè san án.

Ọjọ́ tó jẹ́ kí n rí gbogbo rẹ̀ kedere ni ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2016, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Kí ìdìbò tó parí, pọ́n-ùn kan ń gba nǹkan bíi $1.49. Nígbà tí ọjà fi máa pa ní ọjọ́ kejì, $1.37 ló kù. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn ṣíà Amẹ́ríkà, bí S&P 500 ṣe fi hàn, já wálẹ̀ ní 3.6%. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo £10,000 tí gbogbo rẹ̀ wà nínú ṣíà Amẹ́ríkà, kí ìṣirò náà lè rọrùn.

Ẹni tí kò ní ìdáàbòbò ní $14,900 ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Lẹ́yìn tí ṣíà já, ó ku $14,364. Ẹ pín in sí 1.37, ẹ óò rí £10,484. Ọjà já, gbogbo ìròyìn ń pariwo, àmọ́ owó rẹ̀ ti lé ní nǹkan bíi £480.

Ẹni tó ní ìdáàbòbò ní ṣíà kan náà, tí òun náà di £10,484. Àmọ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe fún un ní kó kó $14,900 wá, kó sì gba £10,000. Dọ́là tó tó bẹ́ẹ̀ ti di £10,876 lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ni pé àdéhùn náà pàdánù £876. Ẹ yọ ọ́ kúrò, £9,608 ló kù sí i lọ́wọ́.

Ẹ wo iye tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa. Ṣíà já ní 3.6%, àmọ́ ẹni tó ní ìdáàbòbò pàdánù 3.9%. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ti ṣàdéhùn lórí $14,900 kí ọjà tó já, nígbà tí ṣíà sì ti di $14,364, àdéhùn ti pọ̀ ju ohun tó ń dáàbò bò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ìdáàbòbò kì í fi í bá ohun tó ń dáàbò bò dọ́gba géérégé, bó ti wù kí olùtọ́jú rẹ̀ mọṣẹ́ tó. Àlàfo rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ ìgbà tí ọjà bá ń dà rú gan-an ló máa ń fẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó fi ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni, torí náà ẹ jẹ́ ká wo ọdún gbáko. Ní 2008, S&P 500 pàdánù nǹkan bí 38%. Pọ́n-ùn náà já ní ọdún yẹn, láti bíi $1.98 sí $1.46. Ẹni tó ń gbé níbí, tí kò ní ìdáàbòbò, pàdánù nǹkan bí 16% péré. Ní 2022, S&P 500 já ní nǹkan bí 19%, pọ́n-ùn bọ́ láti $1.35 sí $1.21, àdánù ẹni náà kò sì ju nǹkan bí 10% lọ. Nínú ọdún 2022 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là kan dọ́gba, ó bọ́ sí nǹkan bíi $1.03 kó tó padà sókè.

Èyí kì í kàn ṣe oríire. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba àwọn olówó lágbàáyé, inú dọ́là ni wọ́n ń sá sí, torí dọ́là ni wọ́n fi jẹ gbèsè, dọ́là náà sì ni gbogbo ọjà ń gbà. Pọ́n-ùn wà lára àwọn owó tí wọ́n máa ń tà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó ń fi pọ́n-ùn náwó, dọ́là tó wà nínú àpò ìdókòwò àgbáyé dà bí òṣùká lórí aláàárù: kò mú ẹrù kúrò, àmọ́ kò jẹ́ kó wọ orí. Ẹni tó bá sanwó kún un láti mú dọ́là yẹn kúrò lára ṣíà rẹ̀, ohun tó ń dín ìjákulẹ̀ rẹ̀ kù ló ń sanwó láti yọ. Ti ẹni tó ń ná owó pọ́n-ùn ni mò ń sọ o. Ará Amẹ́ríkà tó ra ṣíà òkèèrè kò ní irú àǹfààní yìí, torí owó òun gan-an ni gbogbo ayé ń sá wá bá.

Ó ní ọdún tí ọ̀rọ̀ máa ń yí padà, mi ò sì ní fi pa mọ́. Ní 2017, S&P 500 lọ sókè ní 19%, àmọ́ pọ́n-ùn gbéra láti nǹkan bíi $1.23 sí $1.35. Ẹni tí kò ní ìdáàbòbò rí nǹkan bí 9% péré. Inú bí àwọn kan lára àwọn tó ń pè wá nígbà náà, wọ́n ní Amẹ́ríkà ń jẹ èrè, kí ló dé tí tiwọn kéré. Ohun tí mo rí gbá mú nínú rẹ̀ ni pé pàṣípààrọ̀ sábà máa ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lọ́dún tí nǹkan ń dára, a sì máa dá a padà lọ́dún tí nǹkan bá le. Mo fara mọ́ irú ìṣètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa fi owó náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò nílò kó sanwó láti yí i padà.

Ní ti owó tí ìdáàbòbò ń ná èèyàn, ọ̀pọ̀ ló rò pé bí owó abánigbófò ni, tí báńkì máa gba nǹkan kan lóṣooṣù kó tó gbà láti gbé ewu náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Iye tí wọ́n ń fẹnu kò sí fún oṣù tó ń bọ̀ dá lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èlé orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ní ìparí ọdún 2023, èlé Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 5.25%, ti Amẹ́ríkà sì wà láàárín 5.25% àti 5.50%. Nítorí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdáàbòbò láti dọ́là sí pọ́n-ùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan lọ, kò sì mú nǹkan kan wá. Ní Jàpáánù nígbà kan náà, èlé wọn kò tó òdo, ó jẹ́ -0.1%. Ẹni tó ní ṣíà Jàpáánù tó sì dáàbò bo yẹ́nì rẹ̀ sí pọ́n-ùn ń gba nǹkan bí 5% lọ́dún lórí àdéhùn yẹn nìkan. Ará Jàpáánù tó ń dáàbò bo pọ́n-ùn rẹ̀ sí yẹ́nì ló ń san irú iye bẹ́ẹ̀. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìdáàbòbò wọ́n, ẹ bi í pé láti owó wo sí owó wo, àti lọ́dún wo.

Ohun tó dájú pé ẹ óò san ni owó ìtọ́jú tó pọ̀ sí i, pẹ̀lú owó díẹ̀díẹ̀ tí báńkì ń jẹ nígbàkigbà tí wọ́n bá tún àdéhùn ṣe. Bí owó ìtọ́jú bá fi 0.3% ju ti èyí tí kò ní ìdáàbòbò lọ, lórí £10,000, £30 nìyẹn lọ́dún. Kò tóbi, àmọ́ ọdọọdún ni, ó sì ń pọ̀ bí owó yín bá ṣe ń pọ̀. Lára ṣíà, mi ò rí ohun tí ẹ ń gbà fún un.

Ó sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àdéhùn yẹn ń wo owó tí wọ́n fi ń ta ṣíà náà lọ́jà nìkan. Apple ń ta ọjà ní Ṣáínà àti Yúróòpù, kò sì sí ìdáàbòbò kankan nínú àpò yín tó kan èyí. Lódìkejì, ẹni tó sọ pé òun kò fẹ́ wàhálà, tó sì ra ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nínú FTSE 100, ti ní owó òkèèrè lọ́wọ́ láìmọ̀, torí ibi tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ń tà, òde ilẹ̀ yìí ni.

Bọ́ǹdì ní tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ya ìdáhùn mi sí méjì fún ẹ̀gbọ́n. Èèyàn kì í ra bọ́ǹdì ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá láti di olówó. Ó ń rà á kí apá kan owó rẹ̀ lè fara balẹ̀. Lọ́dún tí nǹkan bá lọ déédéé, bọ́ǹdì gidi ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀nba díẹ̀, àmọ́ pàṣípààrọ̀ lè yí ní 8% tàbí 10% láàárín ọdún kan. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀ láìsí ìdáàbòbò, pàṣípààrọ̀ lẹ rà, kì í ṣe bọ́ǹdì. Ẹ padà sí 2017: ká ní bọ́ǹdì Amẹ́ríkà kan mú 2% wá ní dọ́là lọ́dún yẹn, ẹni tó ń ná pọ́n-ùn pàdánù nǹkan bí 7% lórí rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó jẹ gbèsè tí kò san, kò sì sí ìjọba tó ṣubú. Pọ́n-ùn ló kàn gbéra. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ àpò bọ́ǹdì àgbáyé tí wọ́n ń tà fún àwọn ará ibí fi ní ìdáàbòbò látìbẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìdáàbòbò pàṣípààrọ̀ ń dáàbò bo bọ́ǹdì lọ́wọ́ ohun gbogbo. Ní 2022, èlé gbéra káàkiri ayé, iye bọ́ǹdì sì já. Àpò bọ́ǹdì àgbáyé tó ní ìdáàbòbò sí pọ́n-ùn pàdánù ju 10% lọ. Èyí tí kò ní pàdánù kéré sí i lọ́dún yẹn, torí dọ́là gbéra, ó sì dí díẹ̀ lára àlàfo náà. Àwọn kan tìtorí ìyẹn kó bọ́ǹdì wọn kúrò nínú ìdáàbòbò. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ bọ́ǹdì mi ni pé kí n lè mọ nǹkan bí iye tó máa jẹ́ ní pọ́n-ùn tí mo bá fẹ́ san owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé, n kò sì lè mọ̀ ọ́n bí dọ́là bá ń yí i kiri.

Ọ̀rọ̀ owó tí èèyàn máa ná yìí gan-an ló máa ń yí ìdáhùn mi padà fún àwa tí a ní ilé ní ìhà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ lára wa ń gba owó iṣẹ́ ní pọ́n-ùn, a sì ń kọ́lé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Náírà la máa fi ra símẹ́ńtì. Àǹtí mi tó wà ní Ìbàdàn bi mí bóyá òun náà lè rí àpò ìdókòwò àgbáyé tó ní ìdáàbòbò sí náírà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má wá a rárá." Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, kí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tó fi náírà sílẹ̀ kí ọjà pinnu iye rẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦470. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó ní dọ́là nínú ìdókòwò rẹ̀, nítorí kí dọ́là yẹn lè yàtọ̀ sí náírà ló ṣe rà á. Bí ẹ bá so ó padà mọ́ náírà, ẹ ti mú ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá kúrò.

Ẹ̀gbọ́n ra ṣíà rẹ̀ láìsí ìdáàbòbò. Ó tún ní bọ́ǹdì àgbáyé kan tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù kò sọ bóyá wọ́n dáàbò bò ó tàbí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. A ṣí ìwé àlàyé rẹ̀ pọ̀, a wo ibi tí wọ́n kọ ohun tó ń tẹ̀ lé sí, a sì rí `Hedged to GBP` níbẹ̀. Kí ó lè dá a lójú, mo ní kó fi èrè rẹ̀ ní 2017 wé ti irú rẹ̀ tí kò ní ìdáàbòbò. Èyí tí kò ní ti wálẹ̀ lọ́dún yẹn, tirẹ̀ sì lé díẹ̀. Ó ní ó tó, ó ti fóònù rẹ̀ pa, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹgbẹ́.